Bí a ṣe ń ka iye àwọn tó ń fa kárósẹ́ẹ̀lì, kí a lè mọ sílàìdì tí ó yẹ kí a tún ṣe

Àwọn tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́ àti agbègbè rẹ̀ sábà máa ń fi kárósẹ́ẹ̀lì wọn hàn mí pẹ̀lú ìbéèrè kan náà: "Ẹ̀gbọ́n, àwọn èèyàn kì í kà á dé òpin. Kí ni kí n ṣe?" Lọ́pọ̀ ìgbà, kí n tó dáhùn, wọ́n á ti yí àwọ̀ padà, wọ́n á ti kọ àkọlé mìíràn, wọ́n á sì ti yọ sílàìdì méjì kúrò, gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ìyẹn, bí nǹkan bá dára sí i tàbí tí ó burú sí i, kò sí ẹni tí ó lè sọ ohun tí ó fà á.

Kárósẹ́ẹ̀lì tí mò ń sọ níbí ni àwọn àwòrán àtẹ̀léra tí òǹkàwé ń fi ìka fà lọ́kọ̀ọ̀kan lójú fóònù. Sílàìdì ni mo ń pe ìkọ̀ọ̀kan wọn. N ó mú kárósẹ́ẹ̀lì tí ó wà lórí ìkànnì ayélujára tiwa fúnra wa, nítorí pé níbẹ̀ ni a ti ní àṣẹ láti ka ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lórí sílàìdì kọ̀ọ̀kan bí a bá ṣe fẹ́. Àpẹẹrẹ tí n ó lò ni ti ẹni tí ó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní ìhà Ìdànrè, tí ó sì ṣe sílàìdì 8 láti fi kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí a ṣe ń bo kòkó kí ó lè kan dáadáa kí a tó sá a. Àkọlé wà ní sílàìdì 1; fífọ́ kòkó wà ní 2; kíkó o jọ àti fífi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó wà ní 3; yíyí i padà wà ní 4; àmì pé ó ti tó wà ní 5; sísá wà ní 6; bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ti gbẹ wà ní 7; ọ̀nà láti kàn sí ẹni tó ń rà á wà ní 8. Mo fi àwọn iye tí ẹ ó rí kalẹ̀ fún ìṣirò ni, wọn kì í ṣe ti oníṣòwò kan pàtó.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: kí kíkà náà jẹ́ òótọ́

Nígbàkigbà tí sílàìdì kan bá hàn sí òǹkàwé, ìkànnì wa gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ sí Google Analytics, irinṣẹ́ tí ń ka ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe lórí ìkànnì. Ẹni tí ó bá bá yín ṣe ìkànnì náà lè fi ìlà díẹ̀ yìí sí i, bí ó bá ti so Google Analytics mọ́ ojú-ìwé náà tẹ́lẹ̀:

```js
gtag('event', 'slide_view', {
  carousel_id: 'koko_1',
  slide_id: 'yiyi',
  moved_by: 'finger'
});
```

Ẹ ṣàkíyèsí pé orúkọ ni mo fún sílàìdì náà nínú `slide_id`, n kò fún un ní nọ́ńbà. Bí ẹ bá fi sílàìdì tuntun kan sí àárín lọ́la, èyí tí ó jẹ́ ìkarùn-ún tẹ́lẹ̀ yóò di ìkẹfà, bí ó bá sì jẹ́ nọ́ńbà ni ẹ fi pè é, iye ti ìṣáájú àti ti ẹ̀yìn kò ní ṣe é fi wéra mọ́. Orúkọ kì í yí padà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wọ `Admin` nínú Google Analytics, kí ẹ lọ sí `Custom definitions`, kí ẹ sì forúkọ `slide_id`, `carousel_id` àti `moved_by` sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí `Custom dimension` tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ `Event`. Ìforúkọsílẹ̀ yìí kì í ṣiṣẹ́ padà sẹ́yìn. Láti ọjọ́ tí ẹ bá ṣe é ni iye yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú àwọn àbọ̀, ó sì lè gba ọjọ́ kan tàbí méjì kí ó tó jáde. Ẹ ṣe é kí ẹ tó gbé kárósẹ́ẹ̀lì náà síta rárá.

Nǹkan mẹ́ta ló sábà máa ń ba kíkà yìí jẹ́. Àkọ́kọ́ ni kárósẹ́ẹ̀lì tí ń sún fúnra rẹ̀. Bí àwòrán bá ń yí lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún márùn-ún láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, gbogbo sílàìdì ni yóò dà bí ẹni pé wọ́n kà á, bẹ́ẹ̀ òǹkàwé lè ti gbé fóònù sílẹ̀ kí ó lọ bu omi. Ìdí nìyí tí mo fi ní `moved_by` nínú ìlà yẹn, kí a lè ka ìka nìkan. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ pa sísún fúnra rẹ̀ yẹn tì pátápátá.

Èkejì ni sílàìdì àkọ́kọ́. Bí kárósẹ́ẹ̀lì bá wà nísàlẹ̀ ojú-ìwé, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ṣí ojú-ìwé náà kò ní dé ibẹ̀. Bí ẹ bá ka gbogbo wọn mọ́ àwọn tí ó rí sílàìdì 1, ìwọ̀n ìfàkọjá yín, ìyẹn iye àwọn tí ó fà á nínú àwọn tí ó rí i, yóò kéré láìnídìí, ẹ ó sì máa bú àkọlé tí kò ṣẹ̀. Ìlànà tí mo ń lò ni pé kí ìdajì sílàìdì náà ó kéré tán ti wà lójú fóònù fún ìṣẹ́jú àáyá kan kí a tó ránṣẹ́ pé wọ́n rí i.

Ẹ̀kẹta ni ìwúwo àwòrán, mo sì rò pé òun ni ó ń tan èèyàn jẹ jù lágbègbè wa, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè dára ní ojú títì kí ó sì rá mọ́ni lọ́wọ́ nínú oko. Bí àwòrán sílàìdì kan bá tó mẹ́gábáìtì méjì, nígbà tí àwọn yòókù kò ju kílóbáìtì igba lọ, àgbẹ̀ yóò fa a, yóò rí ojú funfun, yóò sì kúrò. Lójú iye, yóò dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni kò dùn. Kí ẹ tó gbà pé ọ̀rọ̀ ló ṣẹ̀, ẹ wo ìwúwo fáìlì kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: títo àwọn sílàìdì sójú kan

Nínú Google Analytics, ẹ wọ `Explore`, kí ẹ sì yan `Funnel exploration`. Ẹ fi sílàìdì kọ̀ọ̀kan ṣe ìpele kan: ìṣẹ̀lẹ̀ `slide_view` tí `slide_id` rẹ̀ jẹ́ orúkọ sílàìdì náà, tí `moved_by` rẹ̀ sì jẹ́ `finger`. Sílàìdì àkọ́kọ́ nìkan ni kò nílò èyí tó kẹ́yìn yìí, nítorí pé kò sí ẹni tó fà á kí ó tó rí i. Ìpele 10 ni irinṣẹ́ yìí gbà, nítorí náà sílàìdì 8 wa wọ̀ ọ́.

Àǹfààní ibẹ̀ ni pé èèyàn ni ó ń kà. Bí àgbẹ̀ kan bá fa sílàìdì 3 lọ, tí ó padà sẹ́yìn, tí ó tún lọ síwájú, ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó wọlé ju ọ̀kan lọ, ṣùgbọ́n ẹnì kan náà ni. Àwọn tí wọ́n bá ń wo `Event count` lásán máa ń rí ohun tí kò ṣeé ṣe, bíi kí sílàìdì 4 ní iye tí ó ju ti 3 lọ, wọ́n á sì máa ṣe kàyéfì.

Ìkìlọ̀ kékeré kan tún wà: oṣù méjì péré ni `Explore` fi ń pa irú dátà yìí mọ́ bí ẹ kò bá yí i padà. Ẹ wọ `Data retention` ní abẹ́ `Admin`, kí ẹ sọ ọ́ di oṣù 14, nítorí pé ẹ ó nílò ti àtijọ́ láti fi ṣe ìfiwéra.

Ìgbésẹ̀ kẹta: kíka iye méjì tó ṣe kókó

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn 1,000 ni ó rí sílàìdì 1. Àwọn 420 dé sílàìdì 2, àwọn 370 dé 3, àwọn 333 dé 4, àwọn 180 dé 5, àwọn 160 dé 6, àwọn 144 dé 7, àwọn 130 sì dé 8.

Iye àkọ́kọ́ tí a ń wá ni ìwọ̀n ìfàkọjá, ìyẹn iye àwọn tí ó fa kárósẹ́ẹ̀lì náà nínú àwọn tí ó rí i. A pín 420 sí 1,000, ó jẹ́ 42 nínú 100. Sílàìdì 1 nìkan ni iye yìí ń ṣèdájọ́ fún. Kò lè sọ ohunkóhun nípa ìyókù, nítorí pé ẹni tí kò fà á kò mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá sì béèrè bóyá 42 dára tàbí kò dára, ìdáhùn mi ni pé kárósẹ́ẹ̀lì yín mìíràn, lórí ìkànnì kan náà, ní ibi kan náà lójú-ìwé, ni kí ẹ fi wé e. Ti ẹlòmíràn tí ẹ bá gbọ́ kò wúlò, nítorí pé ẹ kò mọ bí ó ṣe ka sílàìdì àkọ́kọ́ tirẹ̀.

Iye kejì ni ti ìjáwọ́. Ibí ni àṣìṣe ti ń pọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi àwọn tí ó kù ní sílàìdì kọ̀ọ̀kan wé 1,000 ti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì rí i pé iye náà ń dínkù títí dé òpin, wọ́n á wá sọ pé sílàìdì 8 ni ó burú jù nítorí pé àwọn 13 nínú 100 péré ni ó dé ibẹ̀. Ó dájú pé sílàìdì tó kẹ́yìn ni iye rẹ̀ yóò máa kéré jù. Bí a ṣe ń fa nǹkan nìyẹn. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni pé: nínú àwọn tí ó dé orí sílàìdì yìí gan-an, àwọn mélòó ni kò kúrò níbẹ̀ lọ sí èkejì?

Láti 2 sí 3, àwọn 50 ni ó jáwọ́ nínú 420, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 12 nínú 100. Láti 3 sí 4, àwọn 37 nínú 370, ó jẹ́ 10. Láti 4 sí 5, àwọn 153 nínú 333: 46 nínú 100! Lẹ́yìn náà, ó padà sí 11, ó di 10, ó sì tún di nǹkan bí 10. Ibi tí omi ti ń jò ti hàn gbangba.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: sílàìdì wo ni a ó mú?

Ẹ dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé mo ti rí ẹni tí ó ka gbogbo iye wọ̀nyí bí ó ti yẹ, tí ó sì lọ tún sílàìdì tí kò ṣẹ̀ ṣe. Ó rí i pé iye náà já wálẹ̀ ní sílàìdì 5, láti 333 sí 180, ó sì jókòó ti sílàìdì 5 fún ọjọ́ méjì, ó ń wá àwòrán tí ó dára jù. Àwọn 153 tí ó lọ kò rí sílàìdì 5 rí. Bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó, kò lè mú ẹni tí kò rí i dúró. Sílàìdì 4 ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n jáwọ́, nítorí náà sílàìdì 4 ni a ó mú. Mo máa ń kọ orúkọ sílàìdì tí wọ́n ti kúrò sí iwájú iye àwọn tí ó lọ, n kì í kọ ti èyí tí wọn kò dé, kí ojú má baà tàn mí.

Nígbà mìíràn, ẹ̀bi náà lè wà lọ́rùn sílàìdì tí ó ṣáájú rẹ̀ pàápàá. Bí sílàìdì 3 bá sọ pé "èyí tí ó kàn ni iye owó kòkó lọ́sẹ̀ yìí", tí sílàìdì 4 wá ń sọ nípa yíyí kòkó padà, ìlérí ni ó kùnà. Ẹ ka méjèèjì pọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kí ló lé wọn lọ?

Iye ń sọ ibi tí wọ́n ti lọ, kò sọ ìdí. Lẹ́yìn ti ìwúwo àwòrán tí a ti yẹ̀ wò, ohun mẹ́ta ni mo máa ń ronú lé: ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ pọ̀ jù nínú sílàìdì náà, ó lè jẹ́ pé ó dà bí òpin, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti rí ohun tí wọ́n ń wá. Èyí tó kẹ́yìn yìí kì í ṣe àbùkù rárá. Àgbẹ̀ tí ó fẹ́ mọ iye ọjọ́ tí a ń yí kòkó padà, tí ó rí i ní sílàìdì 4, tí ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, kò ṣẹ wá.

Láti yà á sọ́tọ̀, ẹ fi bọ́tìnì WhatsApp sí abẹ́ kárósẹ́ẹ̀lì, ní ibi tí yóò ti máa hàn bó ti wù kí òǹkàwé wà ní sílàìdì wo, kí ẹ sì jẹ́ kí títẹ̀ ẹ́ máa ránṣẹ́ pẹ̀lú `slide_id` ti ibi tí ó wà. Bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn 153 yẹn bá tẹ bọ́tìnì náà láti orí sílàìdì 4, wọ́n lọ nítorí pé wọ́n yó. Bí àwọn 6 péré bá tẹ̀ ẹ́, ohun mìíràn ló lé wọn.

Àwọn kan á sọ pé kí a wo àkókò. Lóòótọ́, `Funnel exploration` ní `Show elapsed time`, tí ó ń fi àkókò tí ó wà láàárín ìpele kan sí èkejì hàn. Ṣùgbọ́n ti àwọn tí ó tẹ̀ síwájú nìkan ni. Ẹni tí ó jáwọ́ kò ní ìpele kejì tí a ó fi ka àkókò rẹ̀. Ó wúlò lọ́nà kan ṣá: bí àwọn tí ó kọjá sílàìdì 4 bá lo àkókò tí ó ju ti àwọn yòókù lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, a lè fura pé ó ṣòro láti kà.

Ohun tí ó tún yá jù ni pé kí a gbé fóònù fún èèyàn. Mo máa ń fún àgbẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò sì ní sọ̀rọ̀. Bàbá kan dé irú sílàìdì bẹ́ẹ̀, ó sún fóònù mọ́ ojú, ó sún un jìnnà, ó sì dá a padà fún mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ kò fà á mọ́?" Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé kò tíì tán ni? Lẹ́tà yìí tín-ín-rín jù, mo sì rò pé ibẹ̀ ló parí sí." Gbólóhùn kan yẹn mú ìdí méjì jáde tí iye kò lè sọ.

Nínú àpẹẹrẹ wa, sílàìdì 4 ní ìpínrọ̀ mẹ́rin tí ó ń ṣàlàyé pé a máa ń fi kòkó sínú ewé fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà, pé kí a máa yí i padà lẹ́yìn wákàtí 48, àti ìdí tí a fi ń yí i, kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ sì kan bákan náà. Ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà. Ibi tí ó pọ̀ sí ni ìṣòro, àti pé gbólóhùn tó kẹ́yìn kà pé "Nígbà náà, kòkó yín yóò dára." Ta ni yóò ka irú gbólóhùn yẹn tí kò ní rò pé ó ti parí?

Ìgbésẹ̀ kẹfà: èwo ni a ó kọ́kọ́ tún ṣe?

Sílàìdì 1 náà ń pàdánù àwọn 580, tí ó pọ̀ ju 153 lọ fíìfíì. Kí ló dé tí a kò fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ dé òpin. Bí a bá tún àkọlé ṣe tí ìwọ̀n ìfàkọjá gòkè láti 42 sí 50, tí ìyókù kò sì yí padà, àwọn tí ó dé sílàìdì 8 yóò kúrò ní 130, yóò di nǹkan bí 155. Bí ó bá jẹ́ sílàìdì 4 ni a tún ṣe, tí ìjáwọ́ ibẹ̀ sì wálẹ̀ sí 12 bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn 293 yóò dé sílàìdì 5, àwọn tí yóò sì dé òpin yóò tó 212. Ìyàtọ̀ 82 ju ìyàtọ̀ 25 lọ. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn tí ó dé sílàìdì 4 ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ kòkó kàn wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn 580 lè máà ní oko rárá.

Ìgbésẹ̀ keje: àtúnṣe àti ìfiwéra

A pín sílàìdì 4 sí méjì. Àkọ́kọ́ fi ọjọ́ tí a ń yí kòkó hàn pẹ̀lú àwòrán ọwọ́ tó ń yí i, èkejì sọ ìdí. A yọ gbólóhùn tó dà bí ìparí, a sì fi "Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó? Ẹ fà á" rọ́pò rẹ̀. A kò fọwọ́ kan àkọlé tàbí àwọ̀. Ẹni tó lé eku méjì yóò pòfo. Mo mọ̀ pé pípín àti yíyí gbólóhùn padà jẹ́ nǹkan méjì, ṣùgbọ́n sílàìdì kan náà ni wọ́n ń tún ṣe, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ní òǹkàwé púpọ̀ lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ yí `carousel_id` padà sí `koko_2` kí ti tẹ́lẹ̀ má baà dà pọ̀ mọ́ ti tuntun, kí ẹ sì dúró. Bí ẹ ó ti dúró pẹ́ tó wà lọ́wọ́ iye àwọn tí ó bá dé sílàìdì tí ẹ tún ṣe, kì í ṣe ọjọ́. Bí àwọn 100 bá dé ibẹ̀, iye ìjáwọ́ tí ẹ bá rí lè fi nǹkan bí 10 nínú 100 ṣàṣìṣe lókè tàbí nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá tó 400, àṣìṣe náà wálẹ̀ sí nǹkan bí 5. Nígbà tí àwọn 30 péré bá ti dé ibẹ̀, ìyàtọ̀ láti 46 sí 35 kò tíì sọ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé nínú ìkejì yìí, àwọn 199 dé apá kìn-ín-ní yíyí, àwọn 175 dé apá kejì, àwọn 152 sì dé àmì pé ó ti tó. Ẹ má fi 12 ti apá kan wé 46 ti tẹ́lẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ tí sílàìdì kan ń ṣe ti di ti méjì. Ẹ fi 152 wé 199: àwọn 76 nínú 100 ni ó la ọ̀rọ̀ yíyí kọjá, nígbà tí ó jẹ́ 54 tẹ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ju àṣìṣe tí a sọ lọ, a lè gbà á.

Nígbà yìí ni ó wá kan sílàìdì 1. Fún un, ẹ gbé àkọlé méjì síta lọ́wọ́ kan náà, kí ìdajì òǹkàwé rí ọ̀kan, kí ìdajì kejì rí èkejì, nítorí pé bí àkókò kíkórè kòkó ṣe ń dé ni àwọn tí ń wọ ìkànnì náà ń yí padà, ọ̀sẹ̀ yìí kò sì ní jọ oṣù tó ń bọ̀.